Fóònù méjì nínú agboolé kan: bí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ṣe dìjà ní Ògbómọ̀ṣọ́

Oṣù karùn-ún ọdún 2024 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ dé ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìpínlẹ̀ 15 pẹ̀lú Àbújá ti kọ́kọ́ gbà á ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, ìsọ̀rí kejì ló kan tiwa. Ọmọbìnrin tó wà láàárín ọdún 9 sí 14 ni wọ́n ń fún, ẹ̀ẹ̀kan péré, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀.

Ọmọ méjì nínú agboolé wa, nítòsí Tákíé, mú ìwé ìyọ̀ǹda bọ̀ láti ilé-ìwé kan náà lọ́jọ́ kan náà. Ìyálé, tó ń ta èlùbọ́, tẹ́ ìwé tiẹ̀ sórí ìdí kóńgò, ó fọwọ́ sí i, ó sì padà sídìí ọjà rẹ̀. Ìyàwó, tó jẹ́ aránṣọ, ká tiẹ̀ sí mẹ́rin, ó tì í bọ abẹ́ máṣíìnì. Nígbà tó máa di alẹ́, ọ̀rọ̀ ti dariwo.

"Ìyálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gún ọmọ yẹn o. Gbogbo èèyàn ló ń sọ ọ́ pé abẹ́rẹ́ yẹn ń ba ilé-ọmọ jẹ́."

"Gbogbo èèyàn wo, ìyàwó? Èmi tí mo ń bá ọgọ́rọ̀ èèyàn pàdé lọ́jà lójoojúmọ́, mi ò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan."

Mo wà níbẹ̀. Ohun tó sì jẹ́ kí n jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó ń purọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Àbúrò ọkọ wọn ni mí. Iṣẹ́ fóònù ni mò ń ṣe, mo sì kàwé díẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Akọ̀wé ni àwọn ìyàwó ilé ń pè mí láti ìgbà tí mo ti ń gbé bírò sétí kiri. Nígbà tí ariwo náà ò tán, mo ní kí àwọn méjèèjì yá mi ní fóònù wọn. Ìkànnì fídíò kan náà ni wọ́n ń lò. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé ohun tí mo rí níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tó wà níbòmíràn.

Mo ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́ lórí ìkọ̀ọ̀kan, mo sì ka fídíò 20 tó wà lókè. Ti ìyálé: àwàdà ló pọ̀ jù, ìwàásù tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ọbẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ọjà. Kò sí ẹyọ kan tó dárúkọ abẹ́rẹ́. Ti ìyàwó: sítáì aṣọ 8, àgbo àti oògùn ìbímọ 4, ìwàásù 2, abẹ́rẹ́ 6. Mẹ́fà nínú ogún. Bí èèyàn bá wọ ọjà, tí ẹni mẹ́fà nínú ogún tó bá pàdé ń pariwo ohun kan náà sí i létí, ṣé kò ní sọ pé gbogbo ọjà ló ń sọ ọ́?

Ojú ogiri kan ló là wọ́n láàárín. Kí ló wá dé tí ọjà tí oníkálukú ń ná fi yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Mo kọ́kọ́ rò pé ìyàwó ló lọ wá ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀. Mo wo gbogbo ohun tó ti tẹ̀ sínú àpótí ìwákiri rẹ̀, mi ò rí i. Sítáì bùbá, bí wọ́n ṣe ń gé kọ́là, àgbo fún ẹni tí oyún kì í tètè dúró sí lára. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, gbogbo ilé ló mọ ìdí rẹ̀: láti ọdún mẹ́jọ ló ti ń wá ìkejì ọmọ yẹn.

Àkọsílẹ̀ àwọn fídíò tó ti wò ni mo wá lọ kà, aago àti ọjọ́ wọn. Ibẹ̀ ni mo ti rí i.

Òru ni ìyàwó máa ń ránṣọ. Dátà òru ló ń rà, nítorí ó pọ́ọ́kú. Ó máa gbé fóònù ka orí tábìlì tó fi ń géṣọ, á tẹ fídíò kan, á sì dorí kodò sórí máṣíìnì. Fídíò yẹn bá parí, òmíràn á bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lára aṣọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ máṣíìnì, kò ráyè kọjá èyí tí kò fẹ́. Lóru ọjọ́ kan, fídíò àgbo ìṣẹ́jú mẹ́jọ ló kọ́kọ́ tẹ̀. Èkejì, àgbo náà ni. Ẹ̀kẹta, ọkùnrin kan tó ń sọ pé àwọn òyìnbó kò fẹ́ kí obìnrin wa bímọ mọ́. Ẹ̀kẹrin ni abẹ́rẹ́, ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún, ó sì gbọ́ ọ látòkè délẹ̀ ní nǹkan bí aago méjì òru. Ẹyọ kan ṣoṣo, èyí tó kọ́kọ́ wò, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀.

Ìyálé ní tiẹ̀, láàárín oníbàárà kan sí èkejì ló ń wo fóònù. Ìka rẹ̀ kì í dúró. Èyí tí kò bá pa á lẹ́rìn-ín láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ti kọjá lọ. Bí wọ́n bá tiẹ̀ gbé ti abẹ́rẹ́ wá síwájú rẹ̀ rí, kò ní í pẹ́ níbẹ̀.

Kí ẹ tó lè mọ ìdí tí ìyẹn fi tó láti la ojú ọ̀nà méjì, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ètò tó ń yan fídíò fúnni ṣe ń ṣiṣẹ́, èyí tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní àlìgọ́rídímù. Èmi ò kọ́ ọ lẹ́nu ará àdúgbò. Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ mẹ́ta ní YouTube, Paul Covington, Jay Adams àti Emre Sargin, kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí fún gbogbo ayé pé ìpele méjì ni tiwọn. Ìpele kìíní á kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún fídíò jọ láti inú àìmọye mílíọ̀nù, ó ń wo ohun tí àwọn tí ìwà wọn jọ tìrẹ ti wò. Ìpele kejì á wá fún ìkọ̀ọ̀kan ní máàkì, á tò wọ́n láti orí èyí tó gba máàkì jù. Máàkì yẹn, bí wọ́n ṣe kọ ọ́, dá lórí iye àsìkò tí wọ́n rò pé èèyàn máa fi wo fídíò náà bí wọ́n bá gbé e síwájú rẹ̀. Láti ọdún 2012 ni YouTube ti fi àsìkò rọ́pò iye ìgbà tí wọ́n tẹ fídíò, nítorí pé títẹ̀ nìkan ń gbe àwọn tó ń fi àwòrán tannijẹ.

Ìpele kìíní yẹn ló mú ìyàwó dé ibi abẹ́rẹ́. Ẹ̀rọ kò mọ ohun tí ilé-ọmọ ń jẹ́. Ó kàn rí i pé ọ̀pọ̀ ẹni tó wo àgbo ìbímọ tún wo èyí tó ń sọ pé wọ́n fẹ́ sọ obìnrin di àgàn. Ó bọ́gbọ́n mu lọ́nà tirẹ̀, nítorí ìrora kan náà ló gbé àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó bọ́ sí lọ́wọ́: nínú gbogbo agboolé, obìnrin tí ẹ̀rù àgàn ń bà jù ni.

Ìpele kejì ló jẹ́ kí ó dúró síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò kékeré kan, iye tí mo fẹ́ lò jẹ́ àpẹẹrẹ lásán. Ká ní nọ́ọ̀sì kan ṣe fídíò ìṣẹ́jú méjì, wọ́n gbé e síwájú ọgọ́rùn-ún èèyàn, mẹ́wàá tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì wò ó tán. Ogún ìṣẹ́jú nìyẹn. Ọkùnrin tó ń pariwo náà ṣe ti ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún, mẹ́jọ péré ló tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì wo ìṣẹ́jú méjìlá méjìlá kí wọ́n tó kúrò. Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ìṣẹ́jú. Àwọn tó tẹ ti nọ́ọ̀sì pọ̀ jù, wọ́n sì wò ó dópin, síbẹ̀ ti aláriwo ló máa wà lókè. Òótọ́ ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ti fi nǹkan mìíràn kún un láti ìgbà náà, wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àwọn èèyàn bóyá fídíò tẹ́ wọn lọ́rùn. Àmọ́ àsìkò ṣì ń wúwo. Aránṣọ tí kò ráyè gbé ọwọ́ kúrò lára aṣọ, lójú ẹ̀rọ, olólùfẹ́ ńlá ni.

Ẹ lè béèrè pé ṣé wọn kì í yọ irú fídíò bẹ́ẹ̀ ni. Òfin wà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, YouTube ní òun máa yọ fídíò tó bá ń sọ pé abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ti fọwọ́ sí ń sọ èèyàn di àgàn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí mo gbọ́ yìí kò dárúkọ abẹ́rẹ́ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ láàárín ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún. Òwe ló fi ń sọ̀rọ̀. Ó ní ẹni tó fẹ́ gba oko lọ́wọ́ ẹ, kì í bá ẹ jà lóko, irúgbìn ló máa sè kó tó fún ẹ gbìn. Gbogbo wa tó gbọ́ Yorùbá mọ ibi tó ń lọ. Ẹ̀rọ wo ló máa mọ̀ ọ́n?

Mo wá jókòó, mo gbọ́ fídíò abẹ́rẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Orúkọ mẹ́fà, àwòrán iwájú mẹ́fà: pásítọ̀ kan, ààfáà kan, obìnrin kan tó wọ aṣọ funfun bíi ti dókítà, àwọn yòókù àwòrán lásán. Ní ẹ̀kẹta, mo gbọ́ gbólóhùn kan tí mo ti gbọ́ ní àkọ́kọ́. Kì í ṣe pé ó jọ ọ́ o, òun gan-an ni: òwe irúgbìn yẹn, pẹ̀lú ibi tí ọkùnrin náà ti wúkọ́ kó tó parí rẹ̀. Mo padà sẹ́yìn, mo fi íàpíìsì sétí. Ohùn kan náà. Nínú fídíò mẹ́fà, mẹ́rin ni wọ́n gé láti ara ohùn ọkùnrin kan ṣoṣo, wọ́n kàn lẹ àwòrán mìíràn mọ́ ọn, ọ̀kan nínú wọn sì sáré díẹ̀ kí ohùn lè yí padà. Ẹni tó ní ṣáńẹ́ẹ̀lì mọ̀ pé ohun tó bá ti pa owó fún ẹnì kan máa pa á fún òun náà, ẹ̀rọ sì ń gbé ohun tó bá jọra wọn fún ẹni tó bá ti gbọ́ ọ̀kan dópin. Báyìí ni ẹlẹ́rìí kan ṣe di mẹ́rin.

Mo pe ìyàwó. Mo ní kó dijú, mo sì ń gbé wọn fún un ní díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ikọ́ yẹn dé lẹ́ẹ̀kẹta, ó lajú.

"Akọ̀wé, ẹni kan ni?"

"Ẹni kan ni."

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò retí. Ó ní, "Ẹ wò ó, n ò gba ọkùnrin yẹn gbọ́ púpọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ti yá jù. Ṣùgbọ́n mo ní tó bá jẹ́ irọ́ ni, ṣé gbogbo wọn ni wọ́n máa jùmọ̀ pa á?"

Lójú tèmi, ibẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Àwọn èèyàn máa ń rò pé ẹ̀rọ ń ki èrò bọ̀ wá lórí. Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Àhesọ pé àjẹsára ń fa àgàn ti wà kí fóònù ayélujára tó dé ọwọ́ wa: ní ọdún 2003, irú ọ̀rọ̀ yìí ló jẹ́ kí ìpínlẹ̀ Kánò dá àjẹsára rọpárọsẹ̀ dúró títí wọ inú ọdún 2004, láìsí fídíò kankan. Ìwádìí kan sì wà tó jáde ní ọdún 2023, lórí ìdìbò Amẹ́ríkà ti ọdún 2020: wọ́n mú ètò àyànfún kúrò fún àwọn kan lórí Facebook àti Instagram fún oṣù mẹ́ta, wọ́n ń to ọ̀rọ̀ fún wọn bó ṣe ń jáde. Ohun tí wọ́n ń rí yí padà gan-an, àsìkò tí wọ́n ń lò níbẹ̀ dín kù, ṣùgbọ́n èrò wọn nípa òṣèlú kò fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ẹ̀rọ nìkan ló ba ayé jẹ́ ń ṣe àsọdùn. Ohun tí mo rí nínú agboolé wa kéré ju ìyẹn, ó sì lágbára lọ́nà tirẹ̀. Ẹ̀rọ kò yí ìgbàgbọ́ ìyàwó padà tààràtà. Iye èèyàn tó rò pé ó gbà á gbọ́ ló yí padà. Obìnrin tó bá sì rò pé gbogbo ìyá tó kù ló ti kọ̀ ọ́, kò ní fẹ́ jẹ́ òun nìkan ló gbé ọmọ sílẹ̀.

Bí mo ṣe wá fẹ́ tún un ṣe, mo kọ́kọ́ bà á jẹ́ sí i. Orí fóònù rẹ̀ ni mo ti gbọ́ fídíò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yẹn, tí mo ń padà sẹ́yìn lórí àwọn kan nínú wọn lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ojú ọ̀tá ni mo fi ń wò ó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, abẹ́rẹ́ ti di mẹ́sàn-án nínú ogún. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò, orí fóònù ara rẹ̀ ni kó ti ṣe é, kó má fi àkáǹtì ẹnì kan wọlé.

Mo wá ń tẹ bọ́tìnnì tó ní n ò fẹ́ irú èyí. Mo tẹ̀ ẹ́ lórí mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Lọ́jọ́ kejì, mẹ́rin mìíràn dé. Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo kà á pé àjọ Mozilla ti ṣe ìwádìí rẹ̀ lórí YouTube ní ọdún 2022: bọ́tìnnì "Not interested" dènà nǹkan bí ìdá 11 péré nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí èèyàn kò fẹ́, yíyọ fídíò kúrò nínú àkọsílẹ̀ ohun tí a ti wò dènà ìdá 29, "Don't recommend channel" ló ṣe dáadáa jù, ìdá 43. Èyí tó dáa jù náà kò dé ìdajì.

Ni mo bá nu gbogbo àkọsílẹ̀ rẹ̀ nù pátápátá. Abẹ́rẹ́ lọ lóòótọ́. Sítáì aṣọ náà bá a lọ. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ìyàwó ti dé ṣọ́ọ̀bù mi tòun ti tépù lọ́rùn: "Akọ̀wé, ẹ ti ba fóònù mi jẹ́! Ìjà àwọn ará Íńdíà ló ń gbé wá fún mi." Mo bẹ̀ ẹ́. Ohun tó wá ṣiṣẹ́ kò le rárá: mo pa ohun tó ń mú fídíò tẹ̀ léra wọn, mo sì to sítáì àti orin rẹ̀ sínú àkójọ kan tó lè tẹ̀ lálẹ́. Tó bá tán, á dákẹ́. Bó bá fẹ́ òmíràn, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi yàn án.

Ẹ má rò pé èmi ni mo yí i lọ́kàn padà lórí abẹ́rẹ́. Nọ́ọ̀sì kan ní àdúgbò wa tó ń kó aṣọ wá fún un rán ni. Ó wá gba bùbá rẹ̀, wọ́n jọ sọ ọ́, ó sì ní ọmọ òun gbà á ní ọjọ́ kìíní tí wọ́n gbé e dé. Ó ṣàlàyé pé kòkòrò HPV ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń fa gbogbo jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ, pé kí ọmọ tó mọ ọkùnrin ni abẹ́rẹ́ náà wúlò jù. Ìyàwó béèrè nǹkan bí ogún ìbéèrè, máṣíìnì ò ṣiṣẹ́ nírọ̀lẹ́ yẹn. Ní oṣù kẹjọ, nígbà ọlidé, òun àti ìyálé jọ mú ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé, nítorí abẹ́rẹ́ náà ti wà lára àwọn tí wọ́n ń fúnni níbẹ̀ láìdúró de ìpolongo.

Ṣùgbọ́n kí gbogbo èyí tó ṣẹlẹ̀, ó ti fi ọ̀kan nínú àwọn fídíò mẹ́rin yẹn ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ọmọ ilé-ìwé lórí WhatsApp. Kò sí àlìgọ́rídímù tó ń to ọ̀rọ̀ nínú ẹgbẹ́ WhatsApp, bó bá ṣe dé ni wọ́n ń kà á. Àwọn tí kò mọ ìkànnì fídíò yẹn rárá, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ọ, lẹ́nu obìnrin tí wọ́n mọ̀ tó ń rán aṣọ ẹbí fún wọn. Nígbà ìpàdé òbí, ọ̀rọ̀ ọkùnrin oníkọ́ yẹn ni wọ́n ń tún sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, láìmọ̀ ibi tó ti wá.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò kọ ọ́ sínú ẹgbẹ́ náà pé ọmọ òun ti gbà á, ara rẹ̀ sì dá.

Ó fi eyín já òwú. "Kí n wá di ẹni tí wọ́n ń fi ṣẹlẹ́yà? Ìyá méjì mìíràn ti mú ọmọ tiwọn lọ, mo rí wọn ní ilé ìwòsàn. Àwọn náà ò kọ nǹkan kan."